Lẹ́tà kan tí mo kà lóhùn mẹ́ta kí n tó fi ránṣẹ́

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo kọ lẹ́tà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, díẹ̀ ló sì kù kí n fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ọmọdé, orí mẹ́fà péré. Èmi ni mò ń kó iṣẹ́ jọ. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́, ló ń bá wa yẹ orí kọ̀ọ̀kan wò tí a bá ti kọ ọ́ tán. Wọ́n ti dá orí mẹ́rin àkọ́kọ́ padà. Ó ku orí karùn-ún àti ìkẹfà, ọjọ́ Ajé ni mo sì ti ń retí wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nígbà tí mo ṣí orí kẹta, mo rí i pé àkọtọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kan ti yí padà sí ti àtijọ́: "ayé" ti di "aiye", "ènìyàn" ti di "enia".

Inú kò bí mi rárá. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ohun tí mo ń kọ sílẹ̀. Ẹni tínú ń bí sábà máa ń mọ̀ pé inú ń bí òun, ó lè ní kí òun fi lẹ́tà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èmi jókòó jẹ́jẹ́ ni, mo kọ lẹ́tà náà bíi pé mò ń bá Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ohun tí mo kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ajé ló yẹ kí orí karùn-ún àti ìkẹfà ti dé ọwọ́ mi. Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè báyìí, àwọn tó kù ti parí tiwọn. Ṣebí a ti fẹnu kò lórí àkọtọ́, kí ló wá dé tí ẹ tún yí i padà ní orí kẹta? Ó dà bíi pé ẹ ò ka ìwé ìlànà tí mo fi ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò lè dúró. Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ lónìí. Ẹ ṣé o."

Mo ti fi orúkọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa sí i pé kí ẹ̀dà kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí gbogbo wa lè jọ mọ ibi tí iṣẹ́ dé.

Mo ní àṣà pé lẹ́tà tó bá ti ju ìlà mẹ́ta lọ, mo máa ń kà á sókè kí n tó fi ránṣẹ́. Mo kà á. Ó dùn létí mi. "Ṣebí" yẹn jáde bí ọ̀rọ̀ àwàdà, bí ìgbà tí èèyàn ń rín músẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ lónìí" jáde bí ẹ̀bẹ̀. Kò sí ohun tó kọ́ mi létí. Ká ní ibẹ̀ ni mo dúró sí ni, màá ti tẹ bọ́tìnnì, màá sì máa sọ fún ara mi pé mo ka lẹ́tà mi sókè, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gan-an nìyẹn. Wọ́n ní ká máa ka ohun tí a kọ sókè, a sì ń kà á, ṣùgbọ́n ohùn tó wà lọ́kàn wa nígbà tí à ń kọ ọ́ náà la fi ń kà á. Ẹ̀rín tí kò sí lórí ìwé, ẹnu wa ń fi í sí i. Ohùn yẹn kì í bá lẹ́tà lọ. Ọ̀rọ̀ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a kọ ọ́ sí, ohùn tó bá wà lọ́kàn tirẹ̀ lásìkò náà ni yóò sì fi kà á.

Ní 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn méjì gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn fi gbólóhùn ránṣẹ́ sí ẹnìkejì wọn, àwọn kan nínú gbólóhùn náà jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, àwọn kan sì jẹ́ irú èyí tó jẹ́ pé òdìkejì rẹ̀ lẹni tó sọ ọ́ ní lọ́kàn. Àwọn tó fi í ránṣẹ́ ní ìgbàgbọ́ pé nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnìkejì àwọn á mọ bí 78 ṣe jẹ́, ìbáà jẹ́ ohùn ni wọ́n fi sọ ọ́ tàbí ímeèlì. Àwọn tó gbọ́ ohùn mọ 73. Àwọn tó ka ímeèlì mọ 56, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kàn ń méfò lásán lè gba 50. Apá kan tún wà nínú iṣẹ́ wọn tí mo fẹ́ràn ju èyí lọ: nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ fi ohùn tí kò bá èrò wọn mu ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ìdánilójú àsọdùn yẹn dín kù. Ohùn tó lòdì sí tiwa ló ń jẹ́ ká gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé gan-an.

Nítorí náà, mo gbé fóònù fún àbúrò mi obìnrin tó wà nítòsí. N kò sọ ẹni tí mo kọ ọ́ sí fún un, n kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ní kó bá mi kà á sókè bí ẹni ń ka ìròyìn, kó má fi ẹ̀rín sí i, kó má fi ìbínú sí i. Mo mú bírò, mo jókòó sí ibi tí n kò ti lè rí ojú fóònù, torí ojú tó bá ń tẹ̀ lé ìlà yóò máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ni, kò ní gbọ́ ti ẹni tó ń kàwé. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mí ni mò ń fa ìlà kékeré sí.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni mo ti fa ìlà. "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò sí ìkíni tó dára tó o fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kí ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì dé, ìkíni náà ti di èébú. Èmi tí mo kọ ọ́ kò rò ó bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe máa ń kí gbogbo wọn nìyẹn. Nígbà tí àbúrò mi fi ohùn gbígbẹ sọ ọ́, tó sì bọ́ sórí "ọjọ́ Ajé ló yẹ kí", mo gbọ́ ọ kedere. "Ẹ ṣé o" tó wà nísàlẹ̀ náà ṣe bákan náà: ọpẹ́ ohun tí wọn ò tíì ṣe, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó le, ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó dé "Òní ti di Ọjọ́bọ̀", ó dánu dúró, ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ni wọ́n ṣe yín?" Mo ní wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan, kó máa kà á lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ti tó. Gbólóhùn tó ṣáájú gùn. Èyí kúrú, ó dá dúró, ó sì já lulẹ̀ gbì. Ojú kì í rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, torí ojú ń sáré. Etí ló ń mọ ibi tí èémí ti gé.

Lẹ́yìn náà ni "Ẹ̀yin nìkan la ń dúró dè". Èdè wa ní ọ̀nà tó fi ń gbé ohun tó bá fẹ́ tẹnu mọ́ wá síwájú, tí a ó sì fi "ni" gbè é lẹ́sẹ̀. "Ẹ ò tíì fi orí méjì tó kù ránṣẹ́" ń sọ ohun tó wà nílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ò tíì fi ránṣẹ́" ń na ìka sí ẹnì kan. Òótọ́ kan náà ni méjèèjì, wọ́n ò sì gba ọ̀nà kan náà wọ etí. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá nínú lẹ́tà mi ni ibi tí "ẹ̀yin" tàbí "ìwọ" bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Tí mo bá gbé iṣẹ́ síwájú dípò èèyàn, ó di "Orí méjì ló kù", ọ̀rọ̀ ti tutù, kò sì sí ohun tí mo fi pamọ́.

"Ṣebí" wá jẹ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́nu, ohùn la fi ń mọ̀ bóyá ṣebí ìfẹ́ ni tàbí ṣebí ìjà. Lórí ìwé, pàápàá tí "kí ló wá dé" bá tẹ̀ lé e, ìjà ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni "kúkú", "sáà" àti "kẹ̀" ṣe rí: ohùn ló ń gbé wọn ró, tí ohùn bá ti lọ, ẹni tó ń kàwé ni yóò yan ìtumọ̀ fún wọn.

Títí di ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ nìkan ni mo ti ń gbọ́. Kíkà lẹ́ẹ̀kẹta ló dé ìdí ọ̀rọ̀ náà. Fún èyí, mo gbìyànjú láti kà á bí Ẹ̀gbọ́n. Kí n má bàa kàn máa ṣe bí ẹni ń ṣeré ìtàgé, mo kọ́kọ́ fi bírò kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu mi kẹ́yìn lórí ọ̀rọ̀ yìí? Kí ni wọ́n gbà pé àwọn ti ṣe? Níbo ni wọ́n á ti ka lẹ́tà yìí, ta ló sì wà níbẹ̀?

Èyí tó kẹ́yìn rọrùn. Orí fóònù ni wọ́n á ti kà á, ohun tó sì máa kọ́kọ́ hàn lójú fóònù kí wọ́n tó ṣí i ni "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ". Wọ́n á tún rí i pé olórí ẹgbẹ́ gba ẹ̀dà. Lójú tèmi, ìyẹn ò ju ká jọ mọ ibi tí iṣẹ́ dé. Lójú tiwọn, àbúrò àwọn ló lọ fẹjọ́ àwọn sùn kó tó bi àwọn léèrè. Mo yọ orúkọ olórí kúrò kí n tó tún ọ̀rọ̀ kankan kọ. Kò sí bí èèyàn ṣe lè ka lẹ́tà sókè tó tí yóò gbọ́ ẹni tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, àfi kó jókòó sí ààyè ẹni tó máa gbà á.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì mú ojú tì mí díẹ̀. Mo ti kọ ọ́ pé "ó dà bíi pé ẹ ò ka ìwé ìlànà". Ṣùgbọ́n "aiye" àti "enia" ni wọ́n fi kọ́ Ẹ̀gbọ́n nílé ìwé, òun náà ni wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ìgbà pípẹ́. Lójú wọn, àṣìṣe ni wọ́n ń bá wa tún ṣe, iṣẹ́ tí a gbé fún wọn gan-an sì nìyẹn. Ẹni tó gbà pé òun ti ràn ọ́ lọ́wọ́, tí o wá sọ fún un pé kò kàwé, kò ní gbọ́ ohun mìíràn nínú lẹ́tà rẹ.

Ti ìbéèrè àkọ́kọ́ ni mi ò rí ìdáhùn sí lójú ẹsẹ̀. "Gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ tẹ́lẹ̀": ìgbà wo ni mo sọ ọ́? Mo padà sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn. Kò sí ọjọ́ Ajé kankan nínú èyí tí mo kọ. Nígbà tó yá ni mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo fi ohùn gbà sílẹ̀, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwòrán inú ìwé ni mo fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ sọ. Níparí rẹ̀, nígbà tí mo ti ń kí wọn pé ó dàbọ̀, ni mo ní ó ṣeé ṣe kí a mú ọjọ́ wá sí ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìlànà, tí mo ní ó dà bíi pé wọn ò kà, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni. Ìwé ìlànà náà ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Wọn ò tíì pẹ́ rárá.

Mo ti ń ṣàtúnṣe ohùn lẹ́tà láti àárọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gan-an ni kò tọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìtìjú wọ ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé. Lẹ́tà kejì tí mo kọ rí báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, mo kàn ní kí n béèrè ni, bóyá tí ààyè bá wà, tí kò bá ní ni yín lára, ká lè rí àwọn orí tó kù nígbà tó bá rọrùn, kò sí wàhálà rárá." Mo ní kí àbúrò mi kà á, mo sì bi í léèrè pé kí ni wọ́n ní kó ṣe, títí di ìgbà wo. Kò lè dáhùn. Ó ní, "Ẹ ní kò sí wàhálà." Òótọ́ sì ni, ẹni tó ń tẹ̀wé fún wa fẹ́ mọ ọjọ́ tí a óò kó iṣẹ́ dé. Lẹ́tà tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó gbà á kò fi mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ máa ń bí lẹ́tà kejì, ìyẹn sì sábà máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi ẹni tó bá kàwé fún mi ní ìbéèrè méjèèjì yẹn: kí ni wọ́n fẹ́, ìgbà wo? Tó bá lè dáhùn láì padà wo ojú ìwé, ó tó.

Èyí ni mo wá fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Mo ti ka orí kẹta àti ìkẹrin tán. Òǹkà tó tàsé ní orí kẹta tí ẹ tọ́ka sí, gbogbo wa la ti kà á kọjá láìrí i.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo bá wá. Àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́. Mo mẹ́nu ba ọjọ́ Ajé níparí ọ̀rọ̀ gígùn tí mo gbà sílẹ̀ fún yín, n kò sì ṣe àlàyé tó yéni. Àṣìṣe tèmi ni. Ẹni tó ń tẹ̀wé ti ní ààyè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè ṣeé ṣe kí orí karùn-ún àti ìkẹfà dé kó tó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé? Tí kò bá ní ṣeé ṣe, ẹ sọ ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn fún mi, kí n lè bá wọn sọ ọ́.

Èkejì ni àkọtọ́. Ní orí kẹta, 'ayé' àti 'ènìyàn' ti di 'aiye' àti 'enia'. Àkọtọ́ òde òní ni ìwé ìlànà wa ń tẹ̀ lé, torí òun làwọn ọmọ ń bá pàdé nínú ìwé wọn. Tí ẹ bá rí ìdí tó fi yẹ ká lo ti tẹ́lẹ̀, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Bí kò bá sí, èmi á dá wọn padà fúnra mi."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i lóhùn ẹni tó ti rẹ̀, tó ń ka fóònù lórí ìdúró. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti tún nǹkan ṣe: mo ti kọ́kọ́ fi "ṣùgbọ́n" so gbólóhùn òǹkà mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, mo wá yọ ọ́. Ìyìn tí "ṣùgbọ́n" bá tẹ̀ lé, kò sẹ́ni tí í gbà á gbọ́.

Gbogbo rẹ̀, láti kíkà àkọ́kọ́ dé ìgbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, gbà mí tó wákàtí kan, èyí tó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wíwá ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn kiri. N kì í ṣe èyí fún gbogbo lẹ́tà. Tí mo bá fẹ́ sọ pé mo ti rí iṣẹ́ gbà, mo kàn ń sọ ọ́ ni. Èyí tí mo bá fi ń béèrè ohun tó pẹ́, tí mo fi ń tọ́ka sí àṣìṣe, tàbí tí mo fi ń sọ fún ẹnì kan pé rárá, n kì í jẹ́ kó lọ láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á sí mi létí.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí karùn-ún ti wà nílẹ̀, wọ́n ní àwọn á fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ìkẹfà á dé ní ọjọ́ Àìkú, ṣé ìyẹn ò pẹ́ jù? Mo ní kò pẹ́. A rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú mẹ́rin yẹn, wọ́n ní ibi tí mo ti ń ṣàlàyé àwòrán ejò làwọn ti pa á. Lẹ́yìn náà, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú lẹ́tà rẹ. O ní wàá dá àwọn ọ̀rọ̀ yẹn padà fúnra rẹ. Ṣé mi ò lè ṣe é mọ́ ni?"

Ìlà yẹn, mo ti kà á lóhùn tèmi, àbúrò mi ti kà á, mo ti kà á lóhùn ẹni tó ti rẹ̀. Lójú gbogbo wa, ìrànlọ́wọ́ ni. Kò sí èyí tó ti yẹ ìwé wò fún ogún ọdún nínú wa, tí ọmọdé kan á wá ní òun á bá a tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Mo bẹ̀ wọ́n, mo ní n kò fẹ́ kí iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́rùn wọn ni. Wọ́n ní kí n dá orí kẹta padà sọ́dọ̀ àwọn. Ó dé lọ́jọ́ Ẹtì pẹ̀lú orí karùn-ún, gbogbo "aiye" ti di "ayé", wọ́n sì ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn tí èmi fúnra mi kò rí.